ÌTẸ́LẸ̀ SÌMẸ́ŃTÌ LÓRÍ ÒRÙLÉ PẸRẸSẸ: ÀPÒ MÉLÒÓ NI YÓÒ GBÀ?

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù sítòsí, nítorí pé ìṣirò ni ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lé lórí. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Òun ni ó ń sọ bóyá òrùlé ilé yóò máa jò, tàbí kò ní jò.

Ẹ ti rí ilé tí a kò fi páànù bo orí rẹ̀, tí ó jẹ́ pé dẹ́kìn kọnkéré ni òrùlé rẹ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan ninú irú òrùlé bẹ́ẹ̀, tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 6. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ tí omi rẹ̀ ga tó sẹ̀ńtímítà 5, omi tí yóò bọ́ sórí òrùlé yìí jẹ́ lítà 3,000. Ìyẹn ni kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, ọgọ́fà. Bí òrùlé náà bá tẹ́ gbalasa láìsí ibi tí ó dagẹ̀rẹ́ sí, apá kan omi náà yóò dúró síbẹ̀ bí adágún. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ewédò yóò hù, ẹ̀fọn yóò yé ẹyin sí i. Nígbà tí ó bá yá, ẹ ó rí àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ roboto lábẹ́ àjà yàrá.

Nítorí náà ni àwọn bíríkìlà ṣe ń po sìmẹ́ńtì mọ́ iyanrìn, tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí dẹ́kìn náà, kí ó nípọn ní apá kan, kí ó sì fẹ́lẹ́ ní apá kejì, kí omi lè máa ṣàn lọ sínú gọ́tà. Àwọn kan ń pè é ní sìkíríìdì. Àwa yóò máa pè é ní ìtẹ́lẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Onílé á béèrè pé, “Ọ̀gá, àpò sìmẹ́ńtì mélòó ni kí n rà?” Bíríkìlà á dáhùn pé, “Bàbá, ẹ ra ọgbọ̀n ná. Bí kò bá tó, a ó fi kún un.” Ọ̀rọ̀ yìí dún bí ọ̀rọ̀ gidi, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó ń ba òrùlé jẹ́. Nígbà tí ó bá di ọ̀sán, tí sìmẹ́ńtì tán nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí, wọn yóò dúró síbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Èyí tí wọ́n tẹ́ lánàá ti gan. Èyí tí wọ́n tẹ́ lónìí kò ní lẹ̀ mọ́ ọn kí méjèèjì di ọ̀kan. Ojú àsopọ̀ yẹn ni yóò là tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, omi yóò sì bá ibẹ̀ wọlé. Ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ dáadáa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kò ní dúró ní ìdajì ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdagẹ̀rẹ́ náà. Ìwọ̀n tí ó dára ni pé, bí a bá rìn ní mítà kan láti ibi gíga lọ sí ìhà gọ́tà, kí ojú ìtẹ́lẹ̀ ti fi sẹ̀ńtímítà 2 relẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní sẹ̀ńtímítà 1 náà tó, nítorí pé omi kò nílò òkè ńlá kí ó tó ṣàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn kò lè tẹ́ sìmẹ́ńtì kí ó gún régé bíi dígí. Bí ìdagẹ̀rẹ́ bá kéré jù, kòtò kékeré tí ọwọ́ bíríkìlà ṣèèṣì dá síbẹ̀ yóò gba omi dúró.

Ohun kejì ni ibi tí ìtẹ́lẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù lọ, ìyẹn létí gọ́tà. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó fẹ́lẹ́ di òfo níbẹ̀, nítorí pé ìtẹ́lẹ̀ tín-ínrín máa ń bó kúrò lára dẹ́kìn bí èèpá ara igi. Ẹ jẹ́ kí a fi í sí sẹ̀ńtímítà 4.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sórí òrùlé wa tí ó gùn ní mítà 10, tí ó fẹ̀ ní mítà 6. Kí a sọ pé gọ́tà kan ṣoṣo wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gígùn kan. Omi yóò rin ìbú mítà 6 kí ó tó dé gọ́tà. Mítà 6, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi sẹ̀ńtímítà 2 relẹ̀, jẹ́ sẹ̀ńtímítà 12. Bí etí gọ́tà bá jẹ́ sẹ̀ńtímítà 4, ẹ̀gbẹ́ kejì yóò jẹ́ sẹ̀ńtímítà 16. Ṣé 16 ni a ó fi ṣírò sìmẹ́ńtì ni, àbí 4?

Kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn. Ẹ mú ọṣẹ ìfọṣọ gbọọrọ kan, ẹ fi ọ̀bẹ là á láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí i pé apá méjèèjì dọ́gba. Bí ìtẹ́lẹ̀ tí ó dagẹ̀rẹ́ sí ìhà kan ṣoṣo ṣe rí nìyí: apá tí ó nípọn ń dí àìtó apá tí ó fẹ́lẹ́. A ó ro 4 pọ̀ mọ́ 16, yóò jẹ́ 20. A ó pín in sí méjì, yóò jẹ́ 10. Sẹ̀ńtímítà 10 ni ìwọ̀n àárín rẹ̀.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ fojú inú wo àpótí kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí gíga rẹ̀ náà jẹ́ mítà kan. A ó máa pè é ní àpótí mítà. Lítà 1,000 ni ó ń gbà. Òrùlé wa jẹ́ 10 ní ọ̀nà 6, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 60. Sẹ̀ńtímítà 10 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mítà. Nítorí náà, 60 ní ọ̀nà 0.10 jẹ́ 6. Ìtẹ́lẹ̀ náà yóò gba àpótí mítà 6.

Ẹ má ṣe yára sáré lọ ra nǹkan. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìwúwo rẹ̀. Ìtẹ́lẹ̀ tí ó nípọn ní sẹ̀ńtímítà kan ṣoṣo lórí mítà onígun mẹ́rin kan wúwo tó nǹkan bí kílò 20. Bí ìwọ̀n àárín bá jẹ́ sẹ̀ńtímítà 10, kílò 200 ni yóò máa tẹ mítà kọ̀ọ̀kan. Lórí òrùlé wa lápapọ̀, tọ́ọ̀nù 12 nìyẹn, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ láéláé. Dẹ́kìn tí a kò ṣírò irin rẹ̀ mọ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lè tẹ̀ tàbí kí ó là. Ẹni tí ó ya àwòrán ilé náà, ìyẹn ẹnjiníà, ni ó yẹ kí a bi bóyá ó lè gbé e.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí a fi lè dín ẹrù náà kù. Ẹ wo títì ọlọ́dà: àárín rẹ̀ ga, omi sì ń ṣàn sí ọ̀tún àti sí òsì. Bí a bá ṣe òrùlé wa bẹ́ẹ̀, tí a fi gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì, omi kò ní rìn ju mítà 3 lọ mọ́. Yóò fi sẹ̀ńtímítà 6 relẹ̀. Etí gọ́tà jẹ́ 4, àárín òrùlé jẹ́ 10, ìwọ̀n àárín sì jẹ́ 7. A ó wá sọ pé 60 ní ọ̀nà 0.07, yóò jẹ́ àpótí mítà 4.2 dípò 6. Ìdagẹ̀rẹ́ kan náà ni, omi yóò ṣàn dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù orí dẹ́kìn ti dín láti tọ́ọ̀nù 12 sí nǹkan bíi 8 àti díẹ̀. Owó gọ́tà kejì ni a fi rà á.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà tí ó mọṣẹ́ pàápàá ti máa ń ṣìnà. Wọ́n ti mọ̀ pé a ń ro èyí tí ó ga pọ̀ mọ́ èyí tí ó relẹ̀, kí a sì pín in sí méjì. Wọ́n wá ń lo òfin yìí fún gbogbo òrùlé. Òfin náà kò bá gbogbo òrùlé mu.

Ẹ mú òrùlé mìíràn, onígun mẹ́rin tí ó dọ́gba, mítà 6 sí mítà 6. Kò ní gọ́tà létí. Ihò omi kan ṣoṣo ni ó wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀, tí páìpù gbà sọ̀ kalẹ̀. Etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ga, gbogbo wọn sì dagẹ̀rẹ́ wá sí ihò yẹn. Láti etí dé àárín jẹ́ mítà 3, nítorí náà ihò jẹ́ sẹ̀ńtímítà 4, etí sì jẹ́ 10. Ẹni tí ó bá lo òfin àkọ́kọ́ yóò ní ìwọ̀n àárín jẹ́ 7. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ihò tí ó relẹ̀ kò ju ojú kan ṣoṣo lọ, etí tí ó ga sì yí òrùlé po. Ibi tí ó nípọn pọ̀ ju ibi tí ó fẹ́lẹ́ lọ. Báwo ni wọn yóò ṣe dọ́gba?

Ẹ dán èyí wò nílé. Ẹ wá agolo mílíìkì òfìfo kan. Ẹ ká bébà bí àrọ tí a fi ń rọ epo, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ẹnu agolo náà, kí ó sì ga tó o, ṣùgbọ́n kí ìdí rẹ̀ ṣóńṣó. Ẹ fi iyanrìn kún bébà yìí, kí ẹ sì dà á sínú agolo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ ó dà á kí agolo tó kún. Ohun tí ìdí rẹ̀ ṣóńṣó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ó dúró gbọọrọ.

Kòtò tí omi ń gbà lọ sí ihò àárín òrùlé dà bí bébà ṣóńṣó yẹn. Kòtò náà gba ìdá kan nínú mẹ́ta, nítorí náà ìtẹ́lẹ̀ gba ìdá méjì tí ó kù. Láti 4 dé 10 jẹ́ sẹ̀ńtímítà 6. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 6 jẹ́ 4. A ó fi 4 yìí kún 4 tí ó wà nísàlẹ̀ níbi gbogbo, yóò jẹ́ 8. Sẹ̀ńtímítà 8 ni ìwọ̀n àárín, kì í ṣe 7. Òrùlé yìí jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 36. Bí a bá fi 7 ṣírò rẹ̀, a ó rí àpótí mítà 2.52. Bí a bá fi 8 ṣírò rẹ̀, 2.88 ni. Ẹ ó rí ohun tí ìyàtọ̀ yìí jẹ́ ní àpò sìmẹ́ńtì láìpẹ́.

Ó kan sìmẹ́ńtì àti iyanrìn wàyí. Ìdá tí a máa ń lò ni sìmẹ́ńtì kan sí iyanrìn mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀: bí ẹ bá po àpótí kan sìmẹ́ńtì mọ́ àpótí mẹ́rin iyanrìn, ẹ kò ní rí àpótí márùn-ún. Ẹ wo agbọ̀n tí ọsàn kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá da ẹ̀wà lé e lórí, ẹ̀wà náà yóò wọ àárín àwọn ọsàn, agbọ̀n kò sì ní ga sí i púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni sìmẹ́ńtì ṣe ń wọ àárín hóró iyanrìn nígbà tí omi bá kàn án, tí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kí a tó rí àpótí mítà kan ìtẹ́lẹ̀ tí ó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, a nílò nǹkan bí àpótí 1.3 ohun gbígbẹ.

Ẹ jẹ́ kí a pín in. Lítà 1,300 sí ọ̀nà márùn-ún jẹ́ 260. Ìdá kan jẹ́ sìmẹ́ńtì, lítà 260. Àpò sìmẹ́ńtì kílò 50 gba nǹkan bíi lítà 35. Bí a bá pín 260 sí 35, a ó rí nǹkan bí àpò 7 àti ààbọ̀. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ fàlà sí i nídìí: àpótí mítà kan ìtẹ́lẹ̀ ń gba àpò sìmẹ́ńtì 7 àti ààbọ̀, pẹ̀lú iyanrìn gbígbẹ tí ó lé díẹ̀ ní àpótí mítà kan, ìyẹn nǹkan bíi 1.05.

Ẹ jẹ́ kí a lò ó. Òrùlé wa àkọ́kọ́, tí ó ní gọ́tà kan, jẹ́ 6: yóò gba àpò 45. Bí a bá ṣe é bí títì ọlọ́dà, 4.2 ni: yóò gba àpò 31 àti ààbọ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ pé 32. Gọ́tà kejì ti gba àpò 13 lọ́wọ́ onílé. Òrùlé oníhò àárín wá ńkọ́? Ẹni tí ó ṣírò rẹ̀ sí 2.52 yóò ra àpò 19. Òtítọ́ ibẹ̀ ni 2.88, tí yóò gba 22. Àpò 3 ni yóò kù kí iṣẹ́ tó parí. Onílé yóò rò pé wọ́n jí sìmẹ́ńtì òun gbé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó jí nǹkan kan.

Ẹ̀tàn mìíràn wà nínú iyanrìn fúnra rẹ̀. Iyanrìn tí ó tutù díẹ̀ máa ń wú, nítorí pé omi tí ó bo ara hóró kọ̀ọ̀kan kì í jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra. Ó lè wú tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ mú garawa tí ìdí àti ẹnu rẹ̀ dọ́gba, ẹ da irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ sínú rẹ̀ títí yóò fi ga ní sẹ̀ńtímítà 25, ẹ má ṣe kì í. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi sí i títí omi yóò fi bò ó, kí ẹ sì rò ó. Iyanrìn náà yóò wọlẹ̀. Bí ó bá wọlẹ̀ di 20, ẹ mọ̀ pé nínú 25 tí ẹ rò pé ẹ ní, 20 ni iyanrìn gidi. Nígbà náà, níbi tí ẹ ó ti wọn àpótí iyanrìn mẹ́rin, márùn-ún ni kí ẹ wọ̀n.

Kí ẹ lè wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí káfíńtà kan àpótí pákó kan tí inú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ńtímítà 40, tí ó fẹ̀ ní 35, tí ó sì jìn ní 25. Lítà 35 gan-an ni ó ń gbà, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì kan. Ó sàn ju ṣọ́bìrì lọ, nítorí pé ṣọ́bìrì àárọ̀ àti ṣọ́bìrì ìrọ̀lẹ́ kò dọ́gba lọ́wọ́ ẹni tí ó ti rẹ̀.

Fún òrùlé wa tí ó gba àpótí mítà 4.2, iyanrìn gbígbẹ jẹ́ 4.4. Bí ó bá tutù tí ó sì wú bí a ti wí, 5.5 ni. Nǹkan díẹ̀ yóò dànù, díẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tí a ti pò ó. A ó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un. Nítorí náà, onílé yóò ra àpò sìmẹ́ńtì 35 àti iyanrìn àpótí mítà 6, gbogbo rẹ̀ yóò sì wà nílẹ̀ kí a tó bu omi sí èyí àkọ́kọ́.

Ohun kan kù tí ìṣirò orí ìwé kò lè mọ̀. Dẹ́kìn kì í sábà tẹ́jú tán. Àárín rẹ̀ lè ti tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da kọnkéré. Ẹ fi rọ́bà gbọọrọ tí omi wà nínú rẹ̀ wá ojú kan náà káàkiri ògiri kékeré tí ó yí òrùlé ká, ẹ na okùn sí ojú náà, kí ẹ sì wọn láti okùn dé dẹ́kìn ní mítà mítà. Bí dẹ́kìn bá fi sẹ̀ńtímítà kan péré relẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ káàkiri òrùlé wa, àpótí mítà 0.6 ni yóò fi kún un, ìyẹn àpò 4 àti ààbọ̀. Fún ìdí èyí, kí a wọn òrùlé kí a tó lọ sọ́jà.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, kí a fọ dẹ́kìn mọ́, kí a rin ín, kí a sì fi omi sìmẹ́ńtì kùn ún kí ìtẹ́lẹ̀ lè gbá a mú. Kí àpòpọ̀ náà má ṣe ṣàn. Bí ẹ bá fún ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ó dúró bí ìṣù láìsí omi tí ń kán. Kí a máa fi omi wọ́n ọn fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ó bá ti gan, kí oòrùn má baà là á. Kí ẹ sì rántí pé ìtẹ́lẹ̀ ń darí omi ni, kò lè dá omi dúró. Nígbà tí ó bá gbẹ tán, a gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà tàbí awọ ọlọ́dà bo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ yín nìyí. Òrùlé kan gùn ní mítà 8, ó fẹ̀ ní mítà 4, gọ́tà kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gígùn. Ẹ lo sẹ̀ńtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan, kí etí gọ́tà jẹ́ 4. Bí ẹ bá rí ìwọ̀n àárín sẹ̀ńtímítà 8, àpótí mítà 2.56, àti àpò sìmẹ́ńtì 20 kí a tó fi ti ìdànù kún un, ẹ ti gbà á. Ẹ tún un ṣe bí ẹni pé gọ́tà méjì ni, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ han bàbá yín. Ó dìgbà kan ná.